Nígbà tí ínfátà bá ń ké lóru, ta ló máa ka ìwé atọ́nà?

Ìwé atọ́nà tó máa ń wà nínú páálí ínfátà ní apá kan tó dá lórí ìṣòro àti àtúnṣe. Àtẹ olópòó mẹ́ta ni: òpó àkọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìkejì sọ ohun tó fà á, ìkẹta sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Nínú èyí tó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ "ẹ̀rọ ń ké" sí òpó àkọ́kọ́. Níbi kan, wọ́n ní bátìrì ló ti lọ sílẹ̀, kí ẹ ṣáàjì rẹ̀. Níbi kejì, wọ́n ní lóòdù ti pọ̀ jù, kí ẹ dín in kù. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì, ẹni tó kọ ọ́ sì mọṣẹ́. Àmọ́ ẹni tí ínfátà ń ké mọ́ létí láago méjì òru, tí Nẹ́pà ti mú iná lọ, tó dúró ní pálọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù lọ́wọ́, kò lè mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú méjèèjì. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀rọ ń ké.

Ilé ìtajà kan tó ń ta ínfátà àti bátìrì ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mọ̀nàmọ́ná gbogbo Nàìjíríà wà nílùú wa níbí, síbẹ̀ iná ń lọ lọ́dọ̀ wa bó ṣe ń lọ níbòmíràn, ínfátà sì ti wọ ilé olówó àti ilé ẹni tó ń fi àjọ rà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra ọjà wa kì í ka ìwé atọ́nà, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí wọn ò kọ ọ́ fún ẹni tí ìṣòro ti dé bá. Mo wá mú apá ìṣòro àti àtúnṣe yìí pẹ̀lú apá ìtọ́jú bátìrì, mo sọ wọ́n di ojú ìwé kan ṣoṣo, tó jẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn. A máa ń fi í sínú páálí, a sì máa ń fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí Wásáàpù lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà sílé rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, torí mo máa ń rí àwọn tó rò pé kò ju kéèyàn mú àkòrí inú ìwé, kó fi àmì ìbéèrè sí i lẹ́yìn.

Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. "Ìtọ́jú bátìrì" á di "Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú bátìrì mi?" Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gbé fóònù ilé ìtajà yìí, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n ń sọ rèé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yín yìí ń ké o." "Mo pa á, mo tún tàn án, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó tún kú. Àbí ó ti bàjẹ́ ni?" "Omi rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣé mo lè rọ píọ̀ wọ́tà sí i?" Inú àtẹ̀jíṣẹ́ Wásáàpù, inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, àti inú ìwé tí a ń kọ ẹ̀hónú sí lórí káńtà ni mo ti ṣa ìbéèrè jọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, torí ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ á máa wá ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ara rẹ̀ nínú ìwé. Tí kò bá rí i, á gbà pé ìdáhùn kò sí níbẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú àwọn ìbéèrè náà ni bí wọn kì í ṣe bá ètò ìwé mu. Bí ẹ̀rọ ṣe pín ni ìwé ṣe pín: apá bátìrì dá dúró, apá ojú ẹ̀rọ dá dúró, apá ìkìlọ̀ wà níwájú, àwọn nọ́ńbà tó jẹ mọ́ agbára ẹ̀rọ sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ohun tí oníbàárà fojú rí tàbí fetí gbọ́ ló ń béèrè lé lórí, ìdáhùn kan ṣoṣo sì lè fọ́n ká sí apá mẹ́ta nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kejì yẹn, ti ẹ̀rọ tó ń kú tó ń jí. Mo wá gbogbo àtẹ ìṣòro náà, mi ò rí i. Kò lè sí níbẹ̀, torí lójú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe ìṣòro rárá, iṣẹ́ tó yẹ kí ínfátà ṣe ló ń ṣe. Ẹ̀yìn ìwé, láàárín àwọn nọ́ńbà, ni mo ti rí ìdajì ìdáhùn: ínfátà á pa ara rẹ̀ bí bátìrì bá ti wálẹ̀ dé 10.5 fóòtì. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì méjì tí wọ́n so pọ̀ di 24 fóòtì, 21 ni. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti dáàbò bo bátìrì ni. Ìdajì tó kù, ẹnu ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa gbé ínfátà sílé àwọn èèyàn ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní, "Bí ẹ̀rọ bá ti kú, kò sí ohun tó ń fa iná lára bátìrì mọ́. Fóòtì rẹ̀ á tún gòkè díẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lè kọjá 11. Ẹni tó bá tàn án nígbà yẹn, á tàn. Àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Kó tó pẹ́, á tún wálẹ̀ dé 10.5, á tún kú." Ó wọn ọ́n níwájú mi pẹ̀lú mítà, mo sì rí nọ́ńbà náà bó ṣe ń gòkè lójú mi nígbà tó yọ lóòdù kúrò, láìjẹ́ pé a so ṣáàjì kankan mọ́ ọn.

Ìwà yẹn ló sì ń pa bátìrì. Bí bátìrì olómi bá ń tán pátápátá lóòrèkóòrè, tí kò sì tètè rí ṣáàjì kíkún, ohun kan bí iyọ̀ á máa le mọ́ àwọn awo òjé tó wà nínú rẹ̀, ṣáàjì ò sì ní lè tú u dà nù mọ́. Bátìrì náà á wà lódindi lójú, ṣùgbọ́n iná tí yóò lè gbà sára á máa dín kù. Nítorí náà ìdáhùn tí mo kọ gbọ́dọ̀ dá ẹni tó ń pa á tó ń tàn án dúró. Bó ṣe rí lórí ojú ìwé náà nìyí:

"Mo pa ínfátà, mo tún tàn án, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó tún kú. Ṣé ó ti bàjẹ́?"

"Tó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí iná ti lọ, kò bàjẹ́, bátìrì ló tán. Ẹ má tàn án mọ́ títí iná yóò fi dé, torí títàn án lẹ́ẹ̀kan sí i á ba bátìrì jẹ́. Bí iná bá dé, ẹ jẹ́ kó ṣáàjì kún kẹ́ ẹ tó tún lò ó. Tó bá ti ṣáàjì kún, tí iná sì tún lọ, tó kú lọ́gán bó tilẹ̀ jẹ́ pé gílóòbù díẹ̀ péré lẹ tàn, ẹ pè wá. Bátìrì nílò àyẹ̀wò nìyẹn."

Mo dúró pẹ́ lórí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú á ka gbólóhùn kan, á sì gbé ìwé sílẹ̀, nítorí náà ìdáhùn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ìdí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ "kò bàjẹ́" lásán, torí ìgbà mìíràn wà tó bàjẹ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni "tó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí iná ti lọ", oníbàárà sì mọ ìyẹn fúnra rẹ̀ láìní mítà. Mo yọ nọ́ńbà 10.5 kúrò nínú ìdáhùn yìí. Òtítọ́ ni nọ́ńbà náà, àmọ́ kò sí ohun tí oníbàárà lè fi ṣe láago méjì òru. Ìwé atọ́nà ṣì wà nínú páálí fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ti ẹ̀rọ tó ń ké, ọ̀nà kan náà ni mo gbà, ṣùgbọ́n ó le díẹ̀ nítorí ohun méjì ló ń fà á. Ojú ẹ̀rọ tí à ń tà máa ń kọ `LOW BATT` tàbí `OVERLOAD`, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí ìdáhùn sọ ni kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀rọ. Àmọ́ àwọn kan gbé ẹ̀rọ sí ibi gíga, àwọn mìíràn ò rí lẹ́tà kéékèèké kà mọ́. Mo wá fi ohun tí wọ́n lè rántí kún un: ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan nǹkan kan ni? Bó bá jẹ́ bí ẹ ṣe ki áyọ́ọ̀nù tàbí pọ́ǹpù omi bọ iná ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké, lóòdù ló pọ̀ jù, ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ tàn gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, tó sì ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, bátìrì ló ń lọ sílẹ̀, ẹ pa ohun tẹ́ ẹ lè pa, kẹ́ ẹ fi gílóòbù kan sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi ìyẹn dá a mọ̀ nínú òkùnkùn.

Ibẹ̀ náà ni mo fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sí, torí gbogbo èèyàn ló ń bi wá ìdí tí ínfátà 1.5 KVA fi ń ké lórí áyọ́ọ̀nù. Wọ́n rò pé 1.5 túmọ̀ sí wáàtì 1,500. Lórí ẹ̀rọ wa, nǹkan bí 1,200 ló lè gbé. Bí áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ wáàtì 1,000 bá wà lórí rẹ̀, 200 péré ló kù fún fíríìjì, tẹlifíṣàn àti fáànù, fíríìjì sì máa ń fa ìlọ́po iná tó ń jẹ nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sọ ọ́ báyìí fún èèyàn, kì í tún béèrè mọ́.

Èyí tó gbà mí lákòókò jù lọ ni ti omi bátìrì, torí ó lè ṣe èèyàn léṣe. Gbólóhùn kan ni ìwé fi sọ ọ́: kẹ́ ẹ máa yẹ omi bátìrì wò látìgbàdégbà, kẹ́ ẹ sì máa fi omi tí wọ́n yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kún un bó bá ṣe yẹ. Àwọn ìkìlọ̀ tó bá a lọ wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé, lójú ewé tó jìnnà síbẹ̀: ìbọ̀wọ́, gíláàsì ojú, iná tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin á ti pàdé ìkìlọ̀ kó tó dé ibi omi. Ẹni tó ń ka ìbéèrè àti ìdáhùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kan ló wá, ìyẹn nìkan ló sì máa kà. Bí ìkìlọ̀ bá wà nínú ìdáhùn mìíràn, ó kúkú dà bí ẹni pé kò sí. Nítorí náà gbogbo ìkìlọ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wọnú ìdáhùn iṣẹ́ yẹn, kó sì ṣáájú ìgbésẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún. Bó bá jẹ́ pé ìdáhùn méjì nílò ìkìlọ̀ kan náà, mo máa ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ gba àyè.

Ìdáhùn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú bátìrì. "Bí bátìrì yín bá ní ìdérí mẹ́fà tó ń ṣí lórí rẹ̀, ó ń fẹ́ omi. Bí kò bá ní, ẹ má rọ omi kankan sí i, ẹ má sì gbìyànjú láti ṣí i." Ojú lásán tó láti dá a mọ̀, kò dìgbà tí oníbàárà bá mọ orúkọ irú bátìrì tó rà. Lẹ́yìn náà ni ìkìlọ̀: kẹ́ ẹ pa ínfátà, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára iná Nẹ́pà, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì tó bo ojú, kí àbẹ́là, ìṣáná tàbí sìgá má ṣe sún mọ́ ibẹ̀, torí gáàsì tó ń jáde lára bátìrì tó ń ṣáàjì lè gbiná. Ìdí yẹn ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa, níbi tí èèyàn ti lè fi àbẹ́là wo inú bátìrì nígbà tí iná bá lọ. Bí omi inú rẹ̀ bá ta sí ojú, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi máa ṣan án fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Omi wo? Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ike níbi tí wọ́n ti ń ta bátìrì mọ́tò ni, kì í ṣe ásíìdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike méjèèjì lè jọra lórí pẹpẹ. Omi nìkan ló ń gbẹ lára bátìrì, ásíìdì ń bẹ nínú rẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó bá sì fi ásíìdì kún un á jẹ́ kó le ju bó ṣe yẹ lọ, á sì jẹ àwọn awo òjé. Píọ̀ wọ́tà ńkọ́? Wọ́n sẹ́ ẹ fún mímu ni, àmọ́ iyọ̀ àti ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Omi kànga burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi òjò tó gba orí páànù kọjá ti ru ìdọ̀tí páànù wá. Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀ lórúkọ, torí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń béèrè, "ẹ má lo omi mìíràn" kò sì tó fún ẹni tó gbà pé píọ̀ wọ́tà mọ́ ju gbogbo omi lọ.

Ìgbà tí ẹ máa rọ ọ́ náà ní ẹ̀tàn nínú. Ẹ̀yìn tí bátìrì bá ti ṣáàjì kún ló dáa jù, torí omi inú rẹ̀ máa ń wú nígbà tó bá ń ṣáàjì. Bí ẹ bá kún un dé ẹnu kó tó ṣáàjì, á tú jáde, ásíìdì á sì máa jẹ ilẹ̀ àti orí wáyà. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti lọ sílẹ̀ débi tí awo òjé ti yọ sí afẹ́fẹ́, ẹ rọ èyí tó máa bò ó nìkan kẹ́ ẹ tó ṣáàjì, kẹ́ ẹ wá kún un dé àmì lẹ́yìn ṣáàjì. Ìwé wa ò sọ apá kejì yìí, ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́. Ó tún sọ pé kí a fi "lóṣooṣù" rọ́pò "látìgbàdégbà", torí ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó máa wo nǹkan látìgbàdégbà kò ní wò ó. Mi ò dá ìyẹn kọ fúnra mi. A kọ̀wé sí àwọn tó ń kó ọjà náà wọlé, wọ́n gbà á, kí n tó fi síbẹ̀. Bí ojú ìwé bá sọ ohun tí ìwé atọ́nà kò sọ, ó yẹ kí ẹnì kan tó lè dáhùn fún un ti fọwọ́ sí i.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ fún Alhájà kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, tó ti ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa. Mi ò bi í bóyá ó dáa, torí ọmọlúwàbí ni, á ní ó dáa. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ká sọ pé omi bátìrì yín ti lọ sílẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yìí sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún mi." Mo dákẹ́. Wọ́n rí ibẹ̀ kíá, wọ́n ka ìdérí mẹ́fà, wọ́n mi orí. Ìgbà tí wọ́n dé ibi gíláàsì ojú, wọ́n gbé ojú sókè: "Èmi ò ní irú gíláàsì yìí o. Ṣé ti ìwé kíkà yìí tó?" Mi ò ronú kan ìyẹn rí. Kò tó, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Gbólóhùn kan wá kún ìdáhùn náà: gíláàsì ìwé kíkà kò tó, bí ẹ ò bá sì ní èyí tó bo ojú, ẹ má ṣe é fúnra yín, ẹ pè wá ká wá bá yín ṣe é. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ rò ó wò, torí ó ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wa. Ó gbà nígbà tí mo ní kó fojú inú wò ó pé ìyá òun ló fẹ́ ṣí bátìrì náà.

Ìbéèrè kan wà tí ìdáhùn rẹ̀ kúrú jù: "Ṣé ọmọ mi tó mọ iná lè ṣí inú ínfátà wò?" Rárá. Iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, tí ẹ sì ti yọ ọ́ kúrò lára bátìrì. Mi ò fi àlàyé kankan kún un. Bí ìdáhùn irú èyí bá gùn, àwọn kan á máa wá àyè nínú rẹ̀.

Ní báyìí, ohun tí mo ń ṣọ́ ni ìpè tó ṣì ń wọlé lẹ́yìn tí oníbàárà ti gba ojú ìwé náà. Bó bá béèrè ohun tó wà níbẹ̀, mo máa ń bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ kọ́kọ́ wò?" Ẹni tí kò bá rí ìbéèrè náà ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí mo fi kọ ọ́ tàbí ibi tí mo gbé e sí kò bá a mu. Ẹni tó rí i, tó kà á, tí kò sì mọ ohun tó kàn, ìdáhùn ni mo máa tún ṣe fún un. Ìdí tí "ẹ̀rọ ń ké" fi wà lókè pátápátá báyìí nìyẹn. Abẹ́ ti omi ló wà tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń pè lóru kì í sì í kà dé ibẹ̀.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ti ń wọlé sọ́dọ̀ wa. Kò fẹ́ omi, fóòtì tó fi ń kú yàtọ̀, ojú ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń kọ àwọn lẹ́tà mìíràn. Mi ò ní fi "bó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù" kún àwọn ìdáhùn tó wà nílẹ̀. Ojú ìwé tirẹ̀ ni mo ń kọ lọ́wọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé aláwọ̀ mìíràn, orúkọ ẹ̀rọ náà á sì wà lókè gàdàgbà, kí ọmọ tó ń di páálí má baà fi ti omi sínú rẹ̀.